Kì Í Ṣe Gbogbo Ìrora Eegun Ni Làkúrègbé

Bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, tí ẹ sì ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń dìde lẹ́yìn àdúrà orí ìkúnlẹ̀, ẹ ó rí àwọn kan tí wọn kò lè dìde láìgbá àga iwájú wọn mú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, ọjọ́ orí ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ẹ ó rí obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì ti itan ara rẹ̀ kí ó tó lè nàró. Bí ó bá sì ń rìn lọ sí iwájú, a máa fì sọ́tùn-ún, a máa fì sósì, bíi pẹ́pẹ́yẹ. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní làkúrègbé ni. Ìyá rẹ̀ lè sọ pé ọta ló fi ń ṣeré. Oníkẹ́míìsì àdúgbò sì ti ń ta oògùn ara ríro fún un láti ọdún kejì.

Àìsàn kan wà tí ó jọ làkúrègbé tí kì í ṣe làkúrègbé. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní ọsitiomaléṣíà, ìyẹn ni pé eegun àgbàlagbà ti rọ̀. Bí irú rẹ̀ bá mú ọmọdé tí ó ṣì ń dàgbà, rìkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ tẹ̀ bí ọrun. Ní ti àgbà, ẹsẹ̀ lè má tẹ̀ rárá, ìdí nìyí tí ó fi máa ń pẹ́ kí á tó fura sí i. Mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí, nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àìsàn eegun tí oògùn rẹ̀ kò wọ́n, tí ó sì ń san bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n.

Gbogbo wa ní Èkó la ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà. Àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ fi wáyà so ọ̀pá irin pọ̀, wọ́n á kan pákó yí i ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n á da kọnkéré sí i. Bákan náà ni eegun wa rí. Ara kọ́kọ́ ń hun nǹkan kan tí ó rọ̀ bí iṣan, lẹ́yìn náà ni kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì yóò wọ inú rẹ̀, tí yóò sì le gbagidi. Eegun kì í sì í ṣe ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó parí. Títí tí a ó fi kú ni ara ń fọ́ apá kan tí ó ti gbó, tí ó sì ń tún un kọ́. Nínú ọsitiomaléṣíà, irin àti pákó wà níbẹ̀, kódà wọ́n pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kọnkéré ni kò dé. Èyí ló fi yàtọ̀ sí eegun gbígbẹ ti àwọn àgbà ìyá wa, nínú èyí tí kọnkéré dára ṣùgbọ́n tí òpó kò pọ̀ mọ́. Eegun gbígbẹ kì í dunni títí yóò fi dá. Eegun rírọ̀ a máa dunni lójoojúmọ́.

Kí ni ó ń gbé kálísíọ̀mù láti inú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀? Fítámì D ni. Ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá ni awọ ara wa. Bí oòrùn bá pa ara, ohun kan tí ó wà nínú awọ, tí ó jẹ́ ẹbí ọ̀rá, yóò yí padà di fítámì D. Ṣùgbọ́n bí ó ti wà nígbà náà, kò tíì lè ṣiṣẹ́ kankan. Yóò lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á fi nǹkan kan kún un, èyí sì ni irú èyí tí ara ń tọ́jú pamọ́, tí àwọn láàbù máa ń wọ̀n. Láti ibẹ̀ yóò lọ sí kíndìnrín, kíndìnrín á tún fi nǹkan kún un, nígbà náà ni ó tó di ojúlówó. Ojúlówó yìí ni ó ń lọ sí ìfun láti ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ̀mù. Bí kò bá sí i, nínú kálísíọ̀mù 100 tí a bá jẹ, bíi 10 sí 15 péré ni yóò wọlé, ìyókù yóò bá ìgbẹ́ jáde. Bí ó bá wà dáadáa, bíi 30 sí 40 ni yóò wọlé.

Ẹnìkan yóò wá bèèrè pé, ní Mọṣín àti Sùúrùlérè níbí, ta ni oòrùn kì í pa? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn dókítà náà bi ara wọn nígbà tí wọ́n ń rí àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Àwọn oníṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní Jọ́ọ̀sì, Dókítà Tọ́mù Tásà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 123 tí wọ́n ní rìkẹ́ẹ̀tì jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù nìkan, wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ fítámì D nìkan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Ní 1999 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú ọmọ 100 tí ó bá gba kálísíọ̀mù nìkan, 61 ni eegun wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná tán. Nínú àwọn tí ó gba méjèèjì, 58 ni. Nínú àwọn tí ó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni. Ìyẹn ni pé oòrùn kò wọ́n àwọn ọmọ náà, oúnjẹ wọn ni kálísíọ̀mù kò sí nínú rẹ̀. Ògì, ẹ̀bà àti àmàlà lè yóni dáadáa, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú wọn kò tó nǹkan, àgbàdo sì tún ní ohun kan nínú tí ó máa ń di kálísíọ̀mù mú kí ó má lè wọ ara.

Ìjìnlẹ̀ kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí kálísíọ̀mù oúnjẹ kò bá tó, ara á máa ṣe ojúlówó fítámì D lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó lè rí ìwọ̀nba tí ó wà kó. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí ó wà ní ìpamọ́ á máa yára tán. Nítorí náà ẹni tí oòrùn ń pa níwọ̀nba, tí kì í mu wàrà, tí kì í jẹ ẹja teegunteegun, lè jẹ gbèsè lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwádìí Jọ́ọ̀sì lórí ọmọdé ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe òfin fún àgbà, nítorí pé ní ti àgbà fítámì D gan-an ló sábà máa ń jẹ́ olórí gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé a kì í fún ènìyàn ní ọ̀kan kí á gbàgbé èkejì.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú arábìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ó jẹ́ ẹni ọdún 38, aránṣọ ni, ní Mọṣín. Aago méje òwúrọ̀ ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó jáde. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin, ó sì fún gbogbo wọn lọ́mú. Ohun kan tún wà tí kì í fẹ́ sọ fún ènìyàn: ó ní wárápá láti ìgbà èwe, ó sì ti ń lo oògùn fẹnobábítóònù fún ọdún 12. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, wárápá kò gbé e láti ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n fẹnobábítóònù, àti fẹnitóìnì tí ó jọ ọ́, a máa ru ẹ̀dọ̀ sókè láti fọ́ fítámì D dànù kí ó tó ṣiṣẹ́. Àrà tí oògùn yìí ń dá kò hàn sí ẹnikẹ́ni, títí di ìgbà tí ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ìrora ìbàdí ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni egungun ìhà àti ẹ̀yìn. Oríkèé rẹ̀ kò wú, kò gbóná, kò sì pupa, èyí tí ìbá jẹ́ àmì làkúrègbé. Inú eegun gan-an ló ń dùn ún. Bí dókítà bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ tàbí egungun àyà rẹ̀, a máa fò sókè. Iṣan itan àti ti èjìká rẹ̀ kò lágbára mọ́, kò lè gòkè sínú dáńfó láìjẹ́ pé kọ́ńdọ́ fà á, ìnira sì ni láti dìde lórí àpótí. Àìlágbára itan yìí pẹ̀lú ìrora ìbàdí ló ń fa ìrìn pẹ́pẹ́yẹ. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lára ẹnìkan, ìrora inú eegun, itan tí kò lágbára, àti ìrìn fífì, ẹ má ṣe ra oògùn ara ríro mìíràn fún un. (Àwọn oògùn tí wọ́n ń pòwe rẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́, bí ó bá sì jẹ́ pé dẹsamẹtasóònù ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, eegun gan-an ni yóò tún máa jẹ.)

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí nìyí, nítorí pé púpọ̀ nínú wa gbà pé bí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá pé, eegun ti dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara kò ní jẹ́ kí kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ já sílẹ̀, nítorí pé ọkàn àti iṣan kò lè ṣe láìsí i. Kókó ẹran kékeré mẹ́rin wà nínú ọrùn wa tí wọ́n ń pè ní pàrátáírọ́ìdì. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé kálísíọ̀mù ń dín kù, wọ́n á ránṣẹ́ sí eegun pé kí ó yá ẹ̀jẹ̀ lára tirẹ̀, wọ́n á sì sọ fún kíndìnrín pé kí ó di kálísíọ̀mù mú, kí ó sì jẹ́ kí fọ́sífétì máa bá ìtọ̀ lọ. Nítorí náà kálísíọ̀mù lè wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, tàbí kí ó kéré díẹ̀, nígbà tí fọ́sífétì ti wálẹ̀ tí èròjà pàrátáírọ́ìdì sì ti ròkè. Ohun kẹta ni alikaláìnì fọsifatéèsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ eegun ló ń tú u jáde, bí wọ́n bá sì ń ṣe wàhálà lásán láìrí kọnkéré, yóò pọ̀ jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ń ṣàìsàn àti oyún tí ó ti dàgbà náà a máa gbé e sókè, nítorí náà dókítà yóò bèèrè nípa àwọn yẹn kí ó tó gbà pé eegun ni.

Ní ti aránṣọ wa, èsì rẹ̀ rí báyìí: kálísíọ̀mù 2.05, nígbà tí ó yẹ kí ó wà láàárín 2.2 sí 2.6, fọ́sífétì 0.65, nígbà tí ó yẹ kí ó ju 0.8 lọ, alikaláìnì fọsifatéèsì 410, nígbà tí kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 130 lọ, èròjà pàrátáírọ́ìdì ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó yẹ. Fítámì D rẹ̀ jẹ́ 6, nígbà tí ó yẹ kí ó tó 20 ó kéré tán. Bí eegun bá ti rọ̀ nítorí àìsí fítámì D, kì í sábà ju 10 lọ. Ẹ kíyèsí i pé èyí tí ẹ̀dọ̀ ṣe ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe èyí tí kíndìnrín ṣe. Bí wọ́n bá wọ̀n ti kíndìnrín, ó lè pé, ó tilẹ̀ lè pọ̀, nítorí pàrátáírọ́ìdì ń fi pàṣán lé kíndìnrín lẹ́yìn, wọ́n á sì sọ fún aláìsàn pé kò sí nǹkan kan tí ó ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sìréè. Àwa tí a wà ní apá Yábàá àti Mọṣín kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe é kí wọ́n sì kà á dáadáa, nítorí ilé ìwòsàn eegun wà ní Igbóbì láti 1945, Lúùtù sì wà ní Ìdí-Àràbà. Lórí àwòrán, eegun tí ó rọ̀ lè kàn rí bíi pé wọ́n da omi sí i, kò mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ó dá yàtọ̀. Dókítà Lósà ará Swítsàlándì ló kọ nípa rẹ̀ ní 1920, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ó jẹ́ ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wọnú eegun láti etí rẹ̀, tí ó dábùú eegun, tí etí ilà náà sì funfun díẹ̀. Inú ọrùn itan níhà ti inú, egungun iwájú abẹ́ ikùn, etí eegun èjìká lẹ́yìn àti ìhà ni ó máa ń wà. Ó sábà máa ń wà ní ọ̀tún àti òsì ní ibi kan náà, èyí tí dídá lásán kì í ṣe. Bí ẹni tí ń wo àwòrán kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè pè é ní eegun dídá, ó tilẹ̀ lè dẹ́rù ba ẹbí pé jẹjẹrẹ ti wọ eegun. Lára aránṣọ wa, ilà náà wà ní ọrùn itan méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilà yìí kò tíì bọ́ o, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn àwòrán lè mọ́ tónítóní nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń pariwo.

Níbí ni mo fẹ́ bá àwọn adarí ẹgbẹ́ àdúrà wa sọ̀rọ̀. Lúùkù, tí í ṣe oníṣègùn, kọ nípa obìnrin tí ó tẹ̀ fún ọdún 18 ní orí kẹtàlá ìwé rẹ̀, a sì ń wàásù lé e lórí dáadáa. A gbà pé Ọlọ́run ń wonisàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbàdúrà fún ẹni tí ó ní wárápá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù, ì báà jẹ́ nítorí wárápá tàbí nítorí ìrora eegun yìí. Ẹni tí ó bá dá fẹnobábítóònù dúró lójijì, wárápá lè gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró títí yóò fi pa á. Ojútùú rẹ̀ ni kí á fi fítámì D àti kálísíọ̀mù kún un. Bí oògùn wárápá mìíràn tí kì í da ẹ̀dọ̀ láàmú bá wà tí ó yẹ fún un, dókítà nìkan ló lè pààrọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni.

Ìtọ́jú aránṣọ wa kò le. Dókítà fún un ní fítámì D ẹlẹ́gbẹ̀rún 50 yúnìtì, kápúsù kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, àti kálísíọ̀mù miligíráàmù 500 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí pé irú kálísíọ̀mù tí ó pọ̀ lọ́jà wa nílò ekikan inú kí ó tó lè yọ́. Kálísíọ̀mù náà ṣe pàtàkì láti ọjọ́ kìíní. Bí fítámì D bá dé tí kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í dà, eegun tí ebi ti ń pa láti ọdún pípẹ́ yóò fa kálísíọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára, ọwọ́ aláìsàn lè ká, ètè rẹ̀ sì lè máa ta ṣíoṣío. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí kálísíọ̀mù má baà kéré jù tàbí kí ó pọ̀ jù. Òùngbẹ, ìtọ̀ ìgbà gbogbo, èébì àti inú kíkún ni àmì pé ó ti pọ̀ jù, òkúta sì lè dì sí kíndìnrín. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gba abẹ́rẹ́ fítámì D ńlá ní kẹ́míìsì nígbàkígbà tí ìdí bá dùn ún.

Kì í ṣe gbogbo eegun rírọ̀ ni ó gba ìtọ́jú kan náà o. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè sọ fítámì D lásán di ojúlówó, irú èyí tí wọ́n ti ṣe tán ni wọ́n ń fún un, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà. Àwọn tí ń lo oògùn tẹnófófíà fún kòkòrò éèdì náà wà. Nínú díẹ̀ nínú wọn, oògùn náà a máa lu kíndìnrín jò, fọ́sífétì á máa bá ìtọ̀ lọ nígbà tí fítámì D wọn pé. Bí ìdí bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n sọ fún ilé ìwòsàn tí ń fún wọn lóògùn, kí wọ́n wọn fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí ó wà nínú ìtọ̀. Oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú. Awọ dúdú wa nílò oòrùn púpọ̀ ju awọ funfun lọ láti ṣe fítámì D kan náà, láti oṣù Ọ̀wàrà títí di oṣù Ẹrẹ́nà oòrùn ibẹ̀ kò sì lágbára tó láti ṣe é rárá. Láti 2016 ni ìjọba wọn ti gba àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n wà níbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lo yúnìtì 400 lójoojúmọ́, jálẹ̀ ọdún.

Ní ti aránṣọ wa, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìrora náà ti ń dẹ̀. Alikaláìnì fọsifatéèsì rẹ̀ tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ sókè díẹ̀, èyí kò sì burú, nítorí àwọn akọ́lé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kọnkéré. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Itan rẹ̀ pẹ́ kí ó tó lágbára, ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó lè kúnlẹ̀ kí ó sì dìde láìdi nǹkan mú. Ní oṣù kẹfà, ilà ọrùn itan rẹ̀ ti dí. Nítorí pé kò ní fi oògùn wárápá sílẹ̀, dókítà ní kí ó máa lo fítámì D 2,000 yúnìtì lójoojúmọ́ títí lọ, èyí tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó sì ní kí ó máa jẹ edé àti ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ teegunteegun, kí ó máa mu wàrà bí apá bá ká a, kí ó sì máa gbé àga rẹ̀ síta ṣọ́ọ̀bù fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́sàn-án nígbà tí ó bá ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.